Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí: Ìyàtọ̀ Láàárín Ìjùmọ̀rìn àti Okùnfà

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí a bá gbé òwe yìí dé inú ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ bí. Igbe mélòó ni a ti gbọ́ tí ọmọ kankan kò kú lọ́jọ́ kejì? Ọmọ mélòó ló kú tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe? Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun méjì tó kàn ń jùmọ̀ rìn àti ohun kan tó ń fa èkejì. A ó pe ti àkọ́kọ́ ní ìjùmọ̀rìn, a ó sì pe èyí tó ń fa nǹkan ní okùnfà.

Bàtà àti Ìwé Kíkà

Ká ní a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, a wọn ẹsẹ̀ gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀, a sì fún wọn ní ìwé kan náà kà. A ó rí i pé àwọn tí bàtà wọn tóbi ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà jù. Ìjùmọ̀rìn yìí kì í ṣe irọ́. Síbẹ̀, kò sí òbí tí yóò ra bàtà ńlá fún ọmọ rẹ̀ kí ó lè mọ̀wé. Ọjọ́ orí ló wà nídìí ọ̀rọ̀: bí ọmọ ṣe ń dàgbà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni ìwé tó ti kà ń pọ̀ sí i. Ohun tó fara pamọ́, tó ń ti méjèèjì báyìí, ni a ń pè ní okùnfà ìkẹta. Bí a bá fẹ́ tú u fó, kí a mú àwọn ọmọ ọdún 8 nìkan, kí a fi wọ́n wéra. Ìjùmọ̀rìn náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Kọ́lẹ́rà ní Lọ́ńdọ̀nù

Àpẹẹrẹ bàtà lè pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n irú àṣìṣe yìí ti mú àgbà onímọ̀ rí. Nígbà tí kọ́lẹ́rà pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1849, William Farr, tó ń ṣe ìṣirò ikú fún ìjọba, ṣàkíyèsí pé bí àdúgbò bá ṣe ga sí lórí odò Tẹ́ḿsì ni ikú ń dín kù níbẹ̀. Òun àti ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà gbà pé afẹ́fẹ́ búburú láti inú ìdọ̀tí ló ń fa àrùn náà, àti pé ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ náà ń kó sí. Ìgbàgbọ́ yìí ṣe jàǹbá: láti mú òórùn kúrò nígboro, àwọn aláṣẹ da ìgbẹ́ sínú odò tí àwọn ará ìlú ń mu.

Dókítà John Snow ní tirẹ̀ sọ pé omi ni. Báwo ni yóò ṣe fi hàn? Ilé-iṣẹ́ méjì, Southwark and Vauxhall àti Lambeth, ń fún àwọn àdúgbò kan náà lómi ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, tó fi jẹ́ pé ilé méjì tó fara kanra lè máa mu omi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní 1852, Lambeth gbé ibi tó ti ń fa omi lọ sí òkè odò, níbi tí ìgbẹ́ ìlú kì í dé. Èkejì kò kúrò lójú kan. Nígbà tí kọ́lẹ́rà padà dé ní 1854, Snow lọ láti ojúlé dé ojúlé láti mọ omi tí ilé kọ̀ọ̀kan tí òkú ti ṣẹ̀ ń mu. Nínú ilé 10,000 tó ń mu omi Southwark and Vauxhall, ènìyàn 315 ló kú. Nínú ilé 10,000 tó ń mu omi Lambeth, 37 péré ni.

Ẹ wo ibi tí agbára ẹ̀rí yìí wà. Olówó àti tálákà wà ní ìhà méjèèjì, afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n ń mí, ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé kò ga jura. Omi nìkan ló yà wọ́n. Nígbà náà ni ìjùmọ̀rìn tí Farr rí di ohun tó yéni: àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń mu omi tó dọ̀tí jù. Nígbà tí àrùn náà tún jà ní 1866, Farr fúnra rẹ̀ kó ẹ̀rí jọ pé omi ló ń gbé e kiri.

Ìgúnlẹ̀

Bí a bá wá gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí láíbìrì máa ń gba máàkì jù, kí a má ṣe yára sọ pé láíbìrì ló fún un. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ti ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ ló ń lọ. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí kì í lọ ń ṣòwò lẹ́yìn kíláàsì kó lè san owó ilé-ìwé. Kí a bèèrè èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀, kí a wá ohun kẹta, lẹ́yìn náà kí a wá àwọn tó jọra nínú ohun gbogbo àyàfi ohun tí a ń fura sí. Bí a kò bá rí irú àwọn bẹ́ẹ̀, ìjùmọ̀rìn ni kí a kọ sínú ìwé wa, kí a má kọ okùnfà.