Ibi tó yẹ kí fídíò ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ti dákẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ fi fídíò kọ́ àwọn ọlọ́jà òpópónà Táíwò ní Ìlọrin bí wọ́n ṣe lè máa fi Excel ka ọjà yóò kọ́kọ́ kọ ohun tó máa sọ sílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kọ ni ibi tí wọ́n máa ti dákẹ́ kí òǹwòran lè ṣe tirẹ̀. Wọ́n ní bọ́tìnnì ìdádúró ṣáà wà lọ́wọ́ òǹwòran. Èmi ò rò pé ìyẹn tó. Ẹni tó kọ ẹ̀kọ́ náà ló yẹ kó yan ibi ìdúró, torí òun ló mọ ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé.

Lọ́dún 2001, Richard Mayer àti Paul Chandler fi àwòrán tó ń rìn, tó sì ń sọ̀rọ̀, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí mànàmáná ṣe ń wáyé. Gbogbo rẹ̀ kò pé ìṣẹ́jú 3. Àwọn kan wò ó láìdúró. Fún àwọn yòókù, wọ́n gé e sí ọ̀nà 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì dúró títí akẹ́kọ̀ọ́ á fi tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí ìbéèrè tó gba ìrònú dé, àwọn tó wò ó ní gígé-gígé ló dáhùn dáadáa jù. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ló yan ibi tí wọ́n gé e sí. Bí ìdúró ṣe máa pẹ́ tó nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpín iṣẹ́ yìí ló bọ́gbọ́n mu, torí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nǹkan kì í mọ̀ pé òun ti ṣìnà àyàfi tó bá ti rìn jìnnà.

Iṣẹ́ Spoken Tutorial tó bẹ̀rẹ̀ ní IIT Bombay ní Íńdíà fi bí a ṣe ń kọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ hàn. Òpó méjì ni wọ́n ń pín ìwé sí: ohun tí ojú kọ̀ǹpútà máa fi hàn wà lápá kan, ohun tí ẹnu máa sọ wà lápá kejì. Wọ́n á ní kí òǹwòran gbé fídíò sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó ṣí ètò tó ń kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kó máa ṣe é bó ṣe ń wò ó.

Ká wá gbé ìwé ọjà ẹni tó ń ta ṣájà fóònù yẹ̀ wò. Òpó A gba orúkọ ọjà, B gba iye tó wọlé, C gba iye tó tà, D sì gba iye tó kù:

```
=B2-C2
```

Ọ̀pọ̀ ló máa fi ìdúró sẹ́yìn fọ́múlà yìí. Ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó ti ń kọ "25 páálí" sínú ìwé látọjọ́ yìí máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí B2. Excel á gbà á láìjanpata, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló kà á sí, kì í ṣe nọ́ńbà. Tó bá dé D2, `#VALUE!` ló máa rí, fọ́múlà ni yóò sì máa tẹ̀ ní àtẹ̀túntẹ̀, nígbà tí ibi tó ti ṣe àṣìṣe wà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ àmì ti wà ní B2 fúnra rẹ̀: bí ẹnikẹ́ni kò bá yí ètò padà, nọ́ńbà máa ń sún mọ́ ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ máa ń sún mọ́ òsì. Torí náà, òpó àkọ́kọ́ nínú ìwé ẹ̀kọ́ wa máa kà báyìí: "Sún ojú ìwé dé 200%. Gbé ọfà máósì sórí B2, jẹ́ kó dúró díẹ̀ kí o tó tẹ̀ ẹ́. Tẹ 25, tẹ Enter. Má mi máósì mọ́." Òpó kejì: "Ẹ tẹ 25 nìkan sínú B2, ẹ má kọ páálí sí i. Ẹ wò ó, ṣé ọ̀tún ni 25 tiyín wà?" Ẹ̀yìn èyí ni ìdákẹ́jẹ́. Kí a tó pinnu iye ìṣẹ́jú-àáyá rẹ̀, kí ẹnì kan tí kò lo Excel rí ṣe é níṣojú wa, ká ka àkókò rẹ̀, ká fi díẹ̀ lé e.

Àwọn kan máa ní ìdákẹ́jẹ́ ń jẹ dátà. Kò jẹ ẹ́ tó bí wọ́n ṣe rò: ohun tó yí padà lójú àwòrán ni fídíò ń kó pamọ́ jù, àwòrán tó dúró gbọnin kò sì ní ohun púpọ̀ tí yóò fi ránṣẹ́. Ìṣòro tó le ju ìyẹn ni pé lójú òǹwòran wa, àwòrán tó dúró láìfọhùn jọ nẹ́tíwọ́kì tó já. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí òpó àkọ́kọ́ ní kí nọ́ńbà máa ka sísàlẹ̀ ní igun ojú kọ̀ǹpútà, láti iye ìṣẹ́jú-àáyá tí a pinnu dé 0. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n á rí iye tó kù, á fò ó.

Ẹni tó ń wo fídíò lórí fóònù kan náà tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ni nọ́ńbà yìí kò ràn lọ́wọ́. Bó bá ṣí Excel, fídíò á kúrò lójú rẹ̀. Tirẹ̀ gba pé kí ẹnu pe àpótí àti nọ́ńbà tí yóò tẹ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ìdákẹ́jẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó lè gbé wọn sórí dé ibi iṣẹ́.