Ọ̀rọ̀ Púpọ̀ Kò Kún Agbọ̀n: Lẹ́tà Kékeré Tí Ẹnjiníà Détà Ń Kọ sí Rikúrútà

Kí ilé-iṣẹ́ ìsanwó kan ní Èkó tó kéde pé òun ń wá ẹnjiníà détà, ó ṣeé ṣe kí ó ti pe rikúrútà kan lórí fóònù. Iṣẹ́ rikúrútà ni láti bá ilé-iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́, àwọn kan nínú wọn ò sì ń wá ẹlòmíì ju àwọn tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ. Bó bá ti gbé fóònù sílẹ̀, àkójọ orúkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Yóò tẹ ohun tó ń wá sínú kọ̀ǹpútà báyìí:

```
"data engineer" AND (BigQuery OR Snowflake) AND Airflow AND Lagos
```

Ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó mú gbogbo ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà détà jáde, tó ti lo ọ̀kan nínú BigQuery àti Snowflake, tó mọ Airflow, tó sì wà ní Èkó. Ẹni tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò bá sí nínú ohun tó fi ránṣẹ́ kò ní jáde, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹnjiníà kọ lẹ́tà kékeré kan fi ara rẹ̀ han rikúrútà nígbà tí kò tíì sí àyè iṣẹ́ kankan. Lẹ́tà yẹn ni yóò gbé e wọ inú àkójọ kí ìpè tó wọlé.

Ta ló ń sanwó fún rikúrútà?

Ilé-iṣẹ́ tó ń wá òṣìṣẹ́ ló ń sanwó fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó náà máa ń wà láàárín ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún àkọ́kọ́ òṣìṣẹ́ náà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í sì í san án àfi tí òṣìṣẹ́ bá wọlé. Bí owó ọdún bá jẹ́ ₦12,000,000, tí àdéhùn sì jẹ́ ìdá 20, ₦2,400,000 ni rikúrútà yóò gbà. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ yẹn bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan, ọ̀pọ̀ àdéhùn ló ní kí rikúrútà dá nínú owó náà padà, tàbí kó wá ẹlòmíì láìgba kọ́bọ̀ lé e.

Nítorí náà, ohun tó ń jẹ rikúrútà lọ́kàn ni pé kí ẹni tí òun bá mú lọ má dójú ti òun. Kì í ṣe ẹnjiníà, kò sì lè fúnra rẹ̀ dán yín wò. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ ni yóò gbé lọ bá ọ̀gá àwọn ẹnjiníà níbi iṣẹ́ yẹn, yóò sì máa retí pé kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yín lè tún sọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, láìṣì í sọ. Gbogbo ọgbọ́n lẹ́tà náà ò ju ìyẹn lọ.

Bí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní rikúrútà bá sì ní kí ẹ sanwó kí òun tó fi orúkọ yín ránṣẹ́, ẹ kúrò níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1973 lórí àwọn tó ń wáṣẹ́ fúnni kò fàyè gbà wọ́n láti gbowó ìwáṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, àyàfi nínú ìwọ̀nba iṣẹ́ díẹ̀ bí eré ṣíṣe àti àfihàn aṣọ.

Iṣẹ́ tí lẹ́tà gbọ́dọ̀ ṣàlàyé

Ní ilé-iṣẹ́ ìsanwó, gbogbo owó tí ẹnikẹ́ni bá fi ránṣẹ́ ló ń ní àkọsílẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́, òmíràn ń ti ọ̀dọ̀ báńkì wá. Ẹnjiníà détà ló ń kó wọn jọ, tó ń yọ àṣìṣe inú wọn, tó sì ń dà wọ́n sínú ilé ìkó-détà-sí ńlá kan. Òun ló ri páìpù. Àwọn oníṣirò owó àti àwọn tó ń tú détà palẹ̀ ló ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ.

Èdè tí wọ́n fi ń bá ilé ìkó-détà-sí sọ̀rọ̀ ni SQL. Python ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ iṣẹ́ tó ń gbé détà láti ibì kan dé ibòmíì. Airflow, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ilé-iṣẹ́ Airbnb lọ́dún 2014, ló ń jí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àsìkò rẹ̀, tó sì ń rí i pé èyí tó yẹ kó ṣáájú ṣáájú. BigQuery jẹ́ ilé ìkó-détà-sí ti Google.

Lẹ́tà náà gan-an

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Èkó. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá sọ pé òun jẹ́ akíkanjú, pé òun fẹ́ràn détà, pé òun lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ pọ̀, kò tíì sọ ohun kan tí rikúrútà lè rí gbé lọ. Èyí ló yẹ kó kọ:

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹnjiníà détà ni mí ní Èkó, ọdún kẹrin mi rèé nídìí iṣẹ́ náà ní ilé-iṣẹ́ ìsanwó kan. SQL, Python, Airflow àti BigQuery ni mo ń lò lójoojúmọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo tún iṣẹ́ alaalẹ́ kan kọ. Wákàtí mẹ́fà ló ń gbà tẹ́lẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló ń gbà báyìí, àwọn oníṣirò owó sì ń bá ìṣirò àná nílẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ́fíìsì. Mo rí i pé ẹ máa ń wá òṣìṣẹ́ fún báńkì àti ilé-iṣẹ́ ìsanwó. Ipò ẹnjiníà détà àgbà ni mo ń fẹ́, ní Èkó tàbí láti ilé. Oṣù kan ni mo gbọ́dọ̀ fi sọ fún ọ̀gá mi kí n tó kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ibikíbi. Ìwé ìtàn iṣẹ́ mi wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ ṣé, sà."

Èèyàn lè kà á tán láàárín ìṣẹ́jú kan. Gbólóhùn méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìkíni kún fún ọ̀rọ̀ tí rikúrútà ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà: orúkọ iṣẹ́, ìlú, irinṣẹ́. Irinṣẹ́ mẹ́rin péré ló dárúkọ, torí pé àwọn tó ń lò lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá to ogún jọ ń pe ogún ìbéèrè wá sórí ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ alaalẹ́ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹnikẹ́ni ló lè lóye wákàtí mẹ́fà tó di ogójì ìṣẹ́jú. Bí rikúrútà bá sọ ọ́ fún ọ̀gá ẹnjiníà, ìyẹn yóò fẹ́ mọ bó ṣe ṣe é, ọ̀dọ́bìnrin wa sì ní ìdáhùn. Tẹ́lẹ̀, lálaalẹ́, iṣẹ́ náà máa ń ka gbogbo àkọsílẹ̀ láti ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó pín àkọsílẹ̀ náà sí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí iṣẹ́ lè máa ka ti àná nìkan. Owó tí wọ́n ń san fún Google náà lè dín kù, torí pé lábẹ́ ètò ìsanwó kan tó wọ́pọ̀ ní BigQuery, bí détà tí wọ́n kà bá ṣe pọ̀ tó ni owó ṣe ń pọ̀ tó.

Ọ̀gá tó mọṣẹ́ ò ní dúró síbẹ̀. Yóò bi í pé: bí iṣẹ́ náà bá dákú láàárín òru, tí Airflow tún un bẹ̀rẹ̀, ṣé wọn ò ní ka owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà lóòótọ́ yóò dáhùn pé kì í ṣe àfikún ni òun ń kọ. Òun ń fi ti ọjọ́ náà rọ́pò gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ fún ọjọ́ yẹn, bí ó bá sì ṣiṣẹ́ nígbà mẹ́wàá, iye kan náà ni yóò jáde. Ẹni tó kàn gbọ́ nípa iṣẹ́ náà lẹ́nu ẹlòmíì kì í sábà kọjá ìbéèrè yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ wa pé iṣẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni kí wọ́n kọ, bó ti wù kó kéré mọ.

Ẹ kíyè sí i pé kò dárúkọ oníbàárà ibi iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sọ iye owó tó ń gba ibẹ̀ kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi àkọsílẹ̀ oníbàárà ránṣẹ́ bí àpẹẹrẹ iṣẹ́ rẹ̀ láé. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, ń dáàbò bo àwọn tó ni àkọsílẹ̀ náà.

Ìdí tó fi ní kí wọ́n bá òun sọ̀rọ̀ ná

Ilé-iṣẹ́ kan lè gbé àyè iṣẹ́ kan náà fún rikúrútà méjì. Bí àwọn méjèèjì bá fi orúkọ ọ̀dọ́bìnrin yìí ránṣẹ́, wọn yóò máa jà sí owó rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan yóò yanjú ìjà náà nípa wíwo ẹni tó kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́. Àwọn mìíràn yóò kúkú yọ orúkọ rẹ̀ kúrò kí wàhálà lè tán. Ó máa ń dùn mí bí ẹni tó mọṣẹ́ bá pàdánù àyè nítorí irú èyí, nígbà tí gbólóhùn kan ṣoṣo ì bá ti dènà rẹ̀. Kí òun náà ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ́ sí: rikúrútà wo, ilé-iṣẹ́ wo, ọjọ́ wo. Bí èkejì bá pè é nípa ibi kan náà, kó sọ fún un kíá pé wọ́n ti fi orúkọ òun ránṣẹ́ síbẹ̀.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé lẹ́tà ṣiṣẹ́

Èsì ló ń fi hàn. Bí rikúrútà bá béèrè iye owó tí ó ń retí tàbí ọjọ́ tí ó lè bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà ti yé e. Bí ó bá ń fi iṣẹ́ yíya àtẹ ìṣirò fún àwọn ọ̀gá ránṣẹ́ sí i, ó ti kà á mọ́ àwọn tó ń tú détà palẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló ní láti tún kọ nígbà náà, kó sọ ọ́ kedere pé òun ló ń kọ́ ọ̀nà tí détà ń gbà wọlé. Bí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló ń wọlé, ọdún àti ipò ni kò hàn tó.

Bí èsì ò bá wá rárá, kó kọ ìlà méjì ránṣẹ́ lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, kó sì jáwọ́. Rikúrútà tí kò ní àyè tó bá a mu lọ́wọ́ kò ní ohun tí yóò sọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ti wà nínú àkójọ rẹ̀. Ohun tó kù ni kí àkójọ náà máa bá òtítọ́ mu. Bí ó bá ríṣẹ́, tó kó kúrò ní Èkó, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Snowflake ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kó fi gbólóhùn kan sọ ọ́ fún rikúrútà lọ́jọ́ náà. Bí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá pe rikúrútà náà, ohun tí yóò kà fún wọn nípa rẹ̀ yóò jẹ́ bó ṣe rí lónìí.