Ilé-iṣẹ́ Tí Kò Pe Òṣìṣẹ́
Ilé-iṣẹ́ tuntun kì í sábà kéde àyè iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lè pọ̀ ju ọwọ́ olùdásílẹ̀ lọ. Ẹni tó kàn kọ̀wé pé "ṣé iṣẹ́ wà?" ti fi kún ẹrù rẹ̀ ni.

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní Yábàá ṣe áàpù tí àwọn ọlọ́jà fi ń ṣe ìṣirò. Kọ́kọ́ lò ó fúnra rẹ, kí o sì ka ẹ̀sùn tí àwọn oníbàárà ń kọ sábẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ bá ní àwọn kò mọ bí a ṣe ń fi rìsíìtì ránṣẹ́, ibẹ̀ ni kí o dì mú:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Mo rí i pé rìsíìtì ń dààmú àwọn oníbàárà yín. Mo lè kọ àlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, ojú ewé kan, láàárín ọjọ́ 5, ní ₦40,000. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rèé."

Ìpínrọ̀ yẹn ló máa sọ̀rọ̀ jù. Má béèrè fún àkọsílẹ̀ oníbàárà wọn o. Iṣẹ́ tó nílò ìyẹn ti tóbi jù fún ìdánwò. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìsí èsì, rán an létí lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá sì ní kí o kọ gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí òun tó pinnu, ìyẹn kì í ṣe ìdánwò mọ́.