Ọtí líle àti ìlọsílẹ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláàtọ̀gbẹ

Ìlọsílẹ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọtí mímu jẹ́ ewu tó máa ń dojú kọ àwọn aláàtọ̀gbẹ tí wọ́n ń lo abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí irú àwọn oògùn oníhóró kan. Ṣúgà ti lọ sílẹ̀ nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ lórí ẹ̀rọ bá kéré sí 3.9 mmol/L, èyí tí í ṣe 70 mg/dL. Ewu yìí kì í sábà wáyé ní ìdí ọtí gan-an. Ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn náà ni ó máa ń dé, nígbà tí ẹni náà bá ti sùn, ó sì lè ṣẹlẹ̀ títí di wákàtí 24.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, ẹ̀dọ̀ ni ó ń pèsè ṣúgà fún ọpọlọ. Ọ̀nà méjì ni ó ń gbà ṣe é. Èkíní, ó ń tú ṣúgà tí ó ti kó pamọ́ jáde. Èkejì, bí èyí bá ń tán lọ, ó ń fi àwọn èròjà mìíràn inú ara ṣe ṣúgà tuntun. Ọtí ń dí ọ̀nà kejì yìí, nítorí pé èròjà kan tí ẹ̀dọ̀ nílò láti fi ṣe ṣúgà ni ó tún ń ná sórí títú ọtí palẹ̀. Ìdí nìyí tí ọtí fi léwu jù fún ẹni tí kò jẹun, tí ìpamọ́ ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀.

Bí ṣúgà bá ń lọ sílẹ̀ lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, ara rẹ̀ yóò dín ínsúlínì kù. Ṣùgbọ́n ínsúlínì tí a ti gún sí ara kò ṣeé fà padà. Bákan náà, gilibẹnkilamáìdì, gilimẹpiráìdì àti gilikilasáìdì ń mú kí ara tú ínsúlínì jáde, bí ṣúgà tilẹ̀ ti kéré. Mẹ́tífọ́mìnì nìkan kì í sábà fa irú ìlọsílẹ̀ yìí. Síbẹ̀, ọtí àmujù pẹ̀lú rẹ̀ lè jẹ́ kí ásíìdì kójọ sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí í ṣe ewu mìíràn.

Àpẹẹrẹ kan

Ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan ń lo gilibẹnkilamáìdì láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó kan, ó jó títí, ó mu ìgò bíà ńlá méjì àti ògógóró díẹ̀, ẹran nìkan ni ó sì jẹ. Ó lo oògùn ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Kí ó tó sùn, ẹ̀rọ rẹ̀ kà 7.8 mmol/L, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé bíà ní ìwọ̀nba ṣúgà tí ó lè gbé òǹkà náà sókè fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí ijó ti ná púpọ̀ nínú ìpamọ́ rẹ̀.

Ní aago mẹ́rin òru, ìyàwó rẹ̀ bá a tí òógùn bò ó, tí ó ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì já gaara. Ó kọ́kọ́ rò pé ọtí ni. Níbi tí ọ̀ràn ti máa ń bàjẹ́ gan-an nìyí: ahọ́n wíwúwo, ìdàrúdàpọ̀ àti títa gọ̀ọ́gọ̀ọ́ wà nínú ìmutípara àti nínú ìlọsílẹ̀ ṣúgà, òórùn ọtí ẹnu sì ń ti èrò náà lẹ́yìn. Ẹ̀rọ nìkan ni ó lè fi ìyàtọ̀ hàn. Nígbà tí ó lò ó, ó kà 2.4 mmol/L. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ, bí ìlọsílẹ̀ ṣúgà ni kí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀.

Ìtọ́jú

Nítorí pé ó ṣì lè gbé nǹkan mì, ó fún un ní ṣíbí kékeré mẹ́rin ṣúgà nínú omi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá ṣì kéré sí 3.9, ó yẹ kí a tún fún un. Oúnjẹ bíi búrẹ́dì ni ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́ kò gbọdọ̀ gba ohunkóhun ní ẹnu, kí ó má baà há a lọ́nà ọ̀fun. Ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n fi í lélẹ̀ sí, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn fún ṣúgà inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ gúlúkágọ̀nù lè má ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ọtí bá wà, nítorí pé ìpamọ́ ẹ̀dọ̀ ni ó ń tú jáde, ìpamọ́ náà sì lè ti tán.

Gilibẹnkilamáìdì máa ń pẹ́ nínú ara. Nítorí náà ṣúgà lè tún já wálẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti jí, dókítà sì máa ń dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró sí ilé-ìwòsàn fún wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdènà

Ẹni tí ó bá fẹ́ mu ọtí yẹ kí ó mu ún pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ìṣù, ìrẹsì tàbí búrẹ́dì nínú, kí ó má sì mu púpọ̀. Ó yẹ kí ó yẹ ṣúgà rẹ̀ wò kí ó tó sùn àti nígbà tí ó bá jí. Ó tún yẹ kí ẹni tí ó sùn tì í mọ̀ pé aláàtọ̀gbẹ ni, kí ó má baà fi í sílẹ̀ pé kí ọtí dá lójú rẹ̀.