Ẹ Kọ Iye Rẹ̀ Síbẹ̀
Ẹni tó ń wo ìpolówó lórí fóònù kì í kà jìnnà. Bí ẹ bá ń ta jẹnẹrétọ̀ ní Bódìjà, ẹ kọ ọ́ báyìí: "Jẹnẹrétọ̀ àlòkù, ó ń ṣiṣẹ́, okùn tí a fi ń fà á ti já. ₦120,000, ẹ lè ná an díẹ̀." Bí ẹ kò bá lè gbà kéré sí ₦110,000, ẹ fi ìyẹn sínú. "Iye ìkẹyìn" kò dá ẹnikẹ́ni dúró; wọn á ṣì ná an. Ẹ má kọ àdírẹ́sì ilé, ẹ má sì lo nọ́ńbà tí báńkì fi ń kàn sí yín. Síìmù mìíràn ló yẹ. Tí oníbàárà bá ní òun ti sanwó, ẹ wo àkáǹtì yín fúnra yín kí ọjà tó kúrò nílẹ̀, torí àlátì ayédèrú wà.