Bí Etí Àpótí Ṣe Ń Mú Nínú Blender

Ẹni tó bá fẹ́ fi Blender ṣe àpótí irin nínú kọ̀ǹpútà yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí Cube, tó ní ojú mẹ́fà. Tó bá fi Subdivision Surface lé e, ojú kọ̀ọ̀kan á pín sí mẹ́rin, àwọn igun á sì wọlé kí ara rẹ̀ lè jọ̀lọ̀. Ọgbọ́n tí Edwin Catmull àti Jim Clark gbé jáde ní 1978 nìyí. Lẹ́yìn ìpín kejì, ojú mẹ́fà ti di 96, àpótí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di bọ́ọ̀lù.

Ìlà alátìlẹ́yìn ló ń dá etí dúró. Tẹ Ctrl+R, kí o fa ìlà tuntun sún mọ́ etí, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí ìlà bá ṣe sún mọ́ etí tó ni etí ṣe ń mú tó. Ṣùgbọ́n má ṣe lẹ̀ wọ́n mọ́ra jù, nítorí etí irin gidi máa ń tẹ̀ díẹ̀, títẹ̀ yẹn ló sì ń gba ìmọ́lẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìlà Ctrl+R máa ń yí gbogbo nǹkan náà ká. Tó bá gba ojú róbótó kọjá, bíi ti àgbá, ibẹ̀ á fún pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dán lójú rẹ̀ á wọ́, ìyẹn la fi ń mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Bevel jù: yan etí tó o fẹ́ nìkan, tẹ Ctrl+B, fi Segments sí 2 àti Shape sí 1. Etí àtijọ́ á dúró síbẹ̀, ìlà alátìlẹ́yìn á wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Tí fífẹ̀ wọn kò bá dọ́gba, a ti na àpótí náà sí ọ̀nà kan tẹ́lẹ̀ ni. Tẹ Ctrl+A, yan Scale, kí o tó tún un ṣe.