Kí Ló Dá Eré Aago Ṣíìpù Dúró? Ọ̀rọ̀ Fóltéèjì Tó Kọ̀ Tí Ò Relẹ̀ Mọ́

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, Craig Barrett, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Intel nígbà yẹn, kúnlẹ̀ lórí pèpéle níbi ìpàdé ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ó ní kí àwọn èèyàn má bínú. Ká ní ọkùnrin Yorùbá ni, ìdọ̀bálẹ̀ ni ì bá ṣe. Ẹ̀fẹ̀ ló fi ṣe é lóòótọ́, àmọ́ ohun tó fà á kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Intel ti ṣèlérí Pentium 4 tí aago rẹ̀ máa dé 4 GHz, wọ́n sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, nígbà tó yá wọ́n ní àwọn ò ṣe é mọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti kọ́kọ́ pa iṣẹ́ Tejas tì, ìyẹn ṣíìpù tó yẹ kó gba ipò Pentium 4.

Ẹ wo bí eré náà ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Ní 1993, Pentium àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú aago 60 MHz, ìyẹn ni pé aago inú rẹ̀ ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 60 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ní ìparí 2002, Pentium 4 ti dé 3.06 GHz. Ìlọ́po 51 nìyẹn láàárín ọdún mẹ́sàn-án péré! Àmọ́ láti ìgbà yẹn ńkọ́? Ní 2023, Intel tó tà ṣíìpù tó lè dé 6 GHz, ìyẹn gan-an ò ju kóòrù kan tàbí méjì lọ, kì í sì í pẹ́ níbẹ̀. Odindi ogún ọdún, eré aago ò tíì ju ìlọ́po méjì lọ.

Kì í ṣe pé àwọn ẹnjiníà di ọ̀lẹ. Tiransísítọ̀ ṣì ń kéré sí i lọ́dọọdún, iye wọn lórí ṣíìpù sì ń pọ̀ sí i. Ìdí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìlà kan ṣoṣo yìí:

P = C × V² × f

P ni iye wáàtì tí ṣíìpù ń jẹ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. V ni fóltéèjì. f ni iye ìgbà tí aago ń lù ní sẹ́kọ́ǹdì kan. C ni kapásítáǹsì, èyí tí a máa ṣàlàyé báyìí. Ẹ jẹ́ ká rí ibi tí ìlà yẹn ti wá ná, torí ẹni tó bá rí i ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyókù.

Àgbá omi kéékèèké

Gbogbo tiransísítọ̀, àti wáyà tó so wọ́n pọ̀, ló dà bí àgbá kékeré tó ń gba iná dúró bí àgbá ṣe ń gba omi. Tí àgbá bá kún, kọ̀ǹpútà kà á sí 1. Tó bá ṣófo, ó kà á sí 0. Ìṣirò yòówù tí fóònù yín ń ṣe, kíkún àti ṣíṣófo àwọn àgbá yìí ni.

Kapásítáǹsì ni bí ìdí àgbá ṣe fẹ̀ tó. Fóltéèjì ni bí a ṣe máa pọn omi inú rẹ̀ ga tó. Báwo wá ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ṣe pọ̀ tó? Iye omi tó máa wọnú àgbá jẹ́ fífẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ́nà gíga omi: C × V. Àmọ́ ẹni tó ń pọn omi náà gbọ́dọ̀ gbé gbogbo rẹ̀ dé òkè, dé gíga V. Nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ C × V × V. Ibẹ̀ ni V² ti wá. Tí ẹ bá sọ gíga di ìlọ́po méjì, omi tí ẹ máa pọn di ìlọ́po méjì, ibi tí ẹ máa gbé e dé náà sì di ìlọ́po méjì. Ìlàágùn yín á wá di ìlọ́po mẹ́rin.

Ibi tó ti wá dùn wá ni pé omi yìí kì í padà sínú kànga. Nígbà tí àgbá bá ń kún, ìdajì agbára náà ti di ooru lójú ọ̀nà. Nígbà tí a bá sì dà á nù, ìdajì tó kù náà á di ooru. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fóònù fi ń gbóná. Tí aago bá wá ń lù ní ìgbà f ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ẹ kàn sọ ọ́ di ìlọ́po f, ó parí. (Kì í ṣe gbogbo àgbá ló ń yí padà ní gbogbo ìlù aago o. C tí a ń lò nínú ìṣirò yìí dúró fún àwọn tó ń yí padà nìkan.)

Fóltéèjì ló ń sanwó eré

Ẹ ti rí i pé V nìkan ló ní ìlọ́po lórí ìlọ́po. Ẹni tó bá rí V rẹ̀ sílẹ̀ ló jèrè jù. Ohun tí àwọn onísẹ́ ṣíìpù sì ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Pentium ti 1993 ń lo fólítì 5. Lẹ́yìn rẹ̀ ó di 3.3, ó di 2, nígbà tó máa fi di Pentium 4 ti 2002, ó ti tó nǹkan bíi 1.5. Pentium 4 oní 3.06 GHz yẹn ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 82. Ká ní fólítì 5 ni wọ́n ṣì ń lò, (5 ÷ 1.5)² jẹ́ nǹkan bíi 11, wáàtì 82 á sì di nǹkan bíi 900. Áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ aṣọ nìyẹn, lórí ohun tí kò ju èékánná mélòó kan lọ.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Dennard, ní IBM, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ bí eré yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1974. Ó ní tí ẹ bá dín gígùn àti fífẹ̀ tiransísítọ̀ kù sí 0.7, kapásítáǹsì rẹ̀ á di 0.7, ẹ lè sọ fóltéèjì náà di 0.7, aago á sì lè yára ní ìlọ́po 1.4. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 0.7 × 0.49 × 1.4, ó jẹ́ nǹkan bíi 0.48. Ààyè tí tiransísítọ̀ náà ń gbà náà ti di 0.49. Ìyẹn ni pé ooru orí ilẹ̀ kan náà ò yí padà rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni tiransísítọ̀ ti di ìlọ́po méjì, aago sì ti yára sí i. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀!

Àmọ́ ẹ yọ fóltéèjì kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró sí 1: 0.7 × 1 × 1.4 jẹ́ 0.98. Tiransísítọ̀ ń jẹ iye tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìdajì ilẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ooru orí ilẹ̀ náà á di ìlọ́po méjì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún dín tiransísítọ̀ kù. Kò sí fáànù tó lè bá ìyẹn sá eré títí.

Kí ló dé tí V ò relẹ̀ mọ́?

Tiransísítọ̀ dà bí ẹnu ẹ̀rọ omi. Ó ní ìwọ̀n fóltéèjì kan tó gbọ́dọ̀ dé kó tó ṣí dáadáa. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìloro. Bí V bá ṣe ju ìloro lọ tó ni omi ṣe ń dà yàà tó, bí àgbá tó kàn ṣe ń tètè kún nìyẹn. Tí ẹ bá rẹ V sílẹ̀ láìfọwọ́ kan ìloro, ẹ̀rọ náà á máa ṣe bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, àgbá ò ní tíì kún tí aago á fi lù. Nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ rẹ ìloro náà sílẹ̀.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ìloro rẹ̀ bá ti relẹ̀ jù kì í tì dáadáa mọ́, ó ń jò. Jíjò yìí kì í pọ̀ díẹ̀díẹ̀: ní gbogbo ìgbà tí ìloro bá fi nǹkan bíi 0.1 fólítì relẹ̀, iná tó ń jò á di ìlọ́po 10. Tó bá ti 0.5 dé 0.3, ìlọ́po 100 nìyẹn. Pentium 4 ti 2004 sì ní tiransísítọ̀ mílíọ̀nù 125, gbogbo wọn ń jò tọ̀sán-tòru, wọn ì báà ṣiṣẹ́, wọn ì báà jókòó.

Ṣé wọn ò lè ṣe tiransísítọ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ ni? Wọ́n ti ṣe é, àmọ́ ó níbi tó mọ. Àwọn ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nítorí ooru ara wọn, àwọn kan nínú wọn á sì máa fò kọjá ìloro kódà tó bá tì. Nínú tiransísítọ̀ tí à ń lò wọ̀nyí, ní ooru inú yàrá, kí jíjò tó lè dín sí ìdá kan nínú 10, ìloro gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán 0.06 fólítì ga sí i. Ooru ayé ló fi ìwọ̀n yẹn lélẹ̀, kì í ṣe ilé iṣẹ́ kankan. Bí V ṣe wá há sí itòsí fólítì kan nìyẹn, ó sì ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọ̀gá Intel

Ẹ jẹ́ ká fi ṣíìpù àfinúrò kan ṣe àpẹẹrẹ. C rẹ̀ jẹ́ 20 × 10⁻⁹, ó ń lo fólítì 1.2, aago rẹ̀ jẹ́ 3 GHz. P rẹ̀ jẹ́ 20 × 1.44 × 3, ìyẹn wáàtì 86. A fẹ́ kó dé 4 GHz. Kí àgbá tó lè tètè kún, a gbọ́dọ̀ gbé fóltéèjì lọ sí 1.4. Ó di 20 × 1.96 × 4, wáàtì 157. Eré fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i, wáàtì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ẹ wá yí i padà. Ẹ dín aago kù sí 2.4 GHz, kí fóltéèjì wálẹ̀ sí 1.0. Kóòrù kan ń jẹ 20 × 1 × 2.4, wáàtì 48. Ẹ fi méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: wáàtì 96, ìlù aago wọn lápapọ̀ sì jẹ́ 4.8 bílíọ̀nù ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ó ju 4 lọ, owó iná rẹ̀ sì kéré gan-an sí 157. Ọ̀nà tí Intel gbà nìyẹn. Core 2 Duo jáde ní 2006 pẹ̀lú kóòrù méjì. Ọ̀kan nínú wọn, E6600, ń lù ní 2.4 GHz, wáàtì 65 sì ni ìwọ̀n rẹ̀, nígbà tí Pentium 4 oní 3.8 GHz jẹ́ 115.

Àmọ́ àléébù kan wà níbẹ̀. Kóòrù méjì máa wúlò tí iṣẹ́ bá ṣeé pín nìkan. Ìyàwó méjì ò lè pín oyún oṣù mẹ́sàn-án ṣe. Ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ń dúró de èyí tó ṣáájú ò ní rí èrè kankan nínú kóòrù kejì. Láti 2006 ni ẹrù ti kúrò lórí onísẹ́ ṣíìpù bọ́ sórí ẹni tó ń kọ kóòdù.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Tí Línọ́ọ̀sì bá wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ tẹ èyí:

```
watch -n1 "grep MHz /proc/cpuinfo"
```

Ẹ ṣí iṣẹ́ kan tó le, bíi ṣíṣe fídíò, kí ẹ sì máa wo àwọn nọ́ńbà náà. Wọ́n á kọ́kọ́ fò sókè, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ṣíìpù náà ò bàjẹ́ o. Ooru tàbí wáàtì ti dé ìwọ̀n tí wọ́n fún un, ó ń dín f àti V kù pọ̀ kó má bàa jóná. Ẹni tó bá sì ń fipá gbé aago sókè láìfi fóltéèjì kún un á mọ̀ láìpẹ́: kọ̀ǹpútà á dì gbagidi tàbí kó kú lójijì, torí aago ti lù kí àgbá tó kún, ó sì ka 1 sí 0.